"Àsansílẹ̀" nínú àkáǹtì òpin ọdún: ta ló san án fún ta?

Ọmọ Atúmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mo ń sọ orí kan nínú ìwé àkáǹtì di ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe máa ṣe àkáǹtì òpin ọdún. Ibi owó tí wọ́n ti san tí àsìkò rẹ̀ ò tíì dé, mo kọ ọ́ báyìí: "Yọ àsansílẹ̀ kúrò nínú ìnáwó, kó o sì kọ ọ́ sí dúkìá." Ṣé "àsansílẹ̀" tó bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dá Tíṣà: Kò tó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ ẹni tó sanwó. Rẹ́ǹtì tí mo san fún láńlọ́ọ̀dù, àsansílẹ̀ ni, owó tí kọ́sítọ́mà kó fún mi kí n tó gbé ọjà fún un náà, àsansílẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ti àkọ́kọ́ dúkìá ni, ti èkejì gbèsè ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ rẹ máa kó méjèèjì síbì kan náà.

Àǹtí Aránṣọ: Èmi rèé! Àwọn kan san 90,000 náírà sílẹ̀ fún aṣọ ẹbí ní December, January ni mo sì rán an. Ọmọ tó bá mi ṣàkáǹtì ní dúkìá ni torí owó ti wà lọ́wọ́ mi. Ṣé irọ́ ló pa ni?

Bọ̀dá Tíṣà: Owó tó wà lọ́wọ́ yín ti wà nínú káàṣì tẹ́lẹ̀, ma, kò tún yẹ kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó yẹ ni kó yọ 90,000 yẹn kúrò nínú títà, kó kọ ọ́ sí gbèsè, torí ẹ ṣì jẹ wọ́n láṣọ. Tó bá fi sílẹ̀ nínú títà, tó tún yọ ọ́ kúrò nínú ìnáwó, tó wá kọ ọ́ sí dúkìá, èrè yín á fi 180,000 ju bó ṣe yẹ lọ, báláńsì ṣíìtì á sì dọ́gba rẹ́gí! Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí gbogbo ènìyàn ló rò pé tó bá ti dọ́gba, ó ti parí.

Akọ̀wé Owó: Ẹ jẹ́ ká fi rẹ́ǹtì dán an wò ká lè mọ̀. Ẹnì kan san 360,000 ní May 1, 2023, fún ọdún kan. Ọdún ìṣirò rẹ̀ parí ní December 31. Oṣù mẹ́rin ló kù, 30,000 lóṣooṣù, ìyẹn 120,000, nítorí náà ìnáwó rẹ́ǹtì jẹ́ 240,000. Ó tán.

Bọ̀dá Tíṣà: 120,000 yẹn tọ̀nà, àmọ́ níbo ni ọkùnrin yẹn jókòó sí láti January dé April? 240,000 yẹn, oṣù mẹ́jọ péré ni. Ká ní ó ti san ti oṣù mẹ́rin yẹn ní 2022, ní 25,000 lóṣooṣù, 100,000 yẹn ti wà nílẹ̀ látèṣí. 100,000 pẹ̀lú 360,000, yọ 120,000, ó ku 340,000. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ìgbésẹ̀ yẹn pé kí wọ́n ka oṣù, tí ìnáwó ò bá kó oṣù méjìlá, nǹkan ti sọnù.

Ẹ tún fi èyí sí i: tó bá yọ 120,000 kúrò nínú ìnáwó tó gbàgbé báláńsì ṣíìtì, ìyàtọ̀ apá méjèèjì á jẹ́ 120,000 gan-an. Tó bá jẹ́ 240,000, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àfikún ló ṣe dípò kó yọ ọ́.

Akọ̀wé Owó: Hmm, ti èṣí yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò gba "gbèsè" fún owó kọ́sítọ́mà. Gbèsè, owó la fi ń san án. Ẹ pè é ní "owó iṣẹ́ tá ò tíì ṣe".

Àǹtí Aránṣọ: Ẹni tó bá wá gba aṣọ ẹ̀ tí ò bá a, ó máa pariwo pé mo jẹ òun láṣọ, kò ní bèèrè bóyá owó ni o. Gbèsè ni.

Ọmọ Atúmọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pín in sí méjì báyìí:

1. Owó tá a san sílẹ̀: ka oṣù tó kù lẹ́yìn ọjọ́ ìparí ọdún, yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ìnáwó, kọ ọ́ sí dúkìá. Ṣọ́ra: ti èṣí ńkọ́?
2. Owó tí wọ́n san sílẹ̀ fún wa: yọ ọ́ kúrò nínú títà, kọ ọ́ sí gbèsè. Ṣọ́ra: báláńsì ṣíìtì ò ní tú ẹ fó tó o bá ṣì í.

Akọ̀wé Owó: Ó yéni, àmọ́ ó gùn jù fún orí tébù, ẹsẹ̀ kan ò lè gba "owó tí wọ́n san sílẹ̀ fún wa".

Bọ̀dá Tíṣà: "Àsansílẹ̀ wa" àti "àsansílẹ̀ oníbàárà" ńkọ́?

Akọ̀wé Owó: "Àsansílẹ̀ wa" yẹn, ṣé èyí tá a san ni àbí èyí tí wọ́n san fún wa? A tún ti padà síbẹ̀ nìyẹn, sà.