Náísáì àti ábúsólúùtù: kí la máa pè wọ́n ní Yorùbá?

Ògbufọ̀ Pẹ́kámù:
Ẹ káàsán o. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn èèyàn wa níbí tí wọ́n fẹ́ tún ìyàwó gbé tàbí tún ọkọ fẹ́, tàbí tí wọ́n ń wá físà fún ẹni tí wọ́n fẹ́. Tí kóòtù bá ń tú ìgbéyàwó àtijọ́ wọn ká, ó máa ń fún wọn ní ìwé méjì, díkìrì náísáì ló ń kọ́kọ́ wá, díkìrì ábúsólúùtù á wá tẹ̀ lé e. "Ìwé ìkọ̀sílẹ̀" ni mo kọ fún méjèèjì, ẹnì kan wá ní màá kó èèyàn sí wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè pè wọ́n?

Lọ́yà Ìkẹjà:
Ẹni yẹn mọ ohun tó ń sọ o. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ò tíì tú nǹkan kan ká. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá ṣe náísáì, ìyàwó ṣì ni ìyàwó, ọkọ ṣì ni ọkọ, tí ọ̀kan bá kú lọ́jọ́ kejì ẹ̀, opó lèkejì, náísáì yẹn ò sì lè di ábúsólúùtù mọ́ láéláé. Lábẹ́ òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti 1970 tí à ń lò ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dúró, tó bá ti pé, ó ti di ábúsólúùtù fúnra ẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tún ní lọ bẹ adájọ́. Àmọ́ tí ọmọ tí kò tíì pé 16 bá wà láàárín wọn, kóòtù gbọ́dọ̀ sọ pé ètò tí wọ́n ṣe fún ọmọ náà tẹ́ òun lọ́rùn, á tún di ọjọ́ 28 lẹ́yìn tó bá sọ bẹ́ẹ̀, èyí tó bá kẹ́yìn nínú ọjọ́ méjèèjì ni wọ́n máa mú. Tí ẹnì kan bá wá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kàlẹ́ńdà dúró nìyẹn títí ẹjọ́ á fi parí.

Torí náà orúkọ yòówù tí ẹ bá fún àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí "ìwé ìkọ̀sílẹ̀" wà nínú ẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Náísáì yẹn, èdè Látìn ni, "àfi bí" ló túmọ̀ sí. Ohun tí adájọ́ ń wí ni pé màá tú yín ká, àfi bí ẹnì kan bá mú ìdí wá tí kò fi yẹ. Mo wá dábàá "àṣẹ àfi-bí" fún àkọ́kọ́ àti "ìdájọ́ ìkẹyìn" fún èkejì. "Ìkọ̀sílẹ̀" gan-an ni mi ò fẹ́ràn, inú Bíbélì la ti rí i, ó sì máa ń ní ẹni tó kọ̀ àti ẹni tí wọ́n kọ̀. Mo gbọ́ pé ní Ìlú Ọba báyìí tọkọtaya lè jọ kọ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo pé àwọn ò ṣe mọ́. Ta ló wá kọ ta?

Àlájì Ìsẹ́yìn:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìdájọ́ ìkẹyìn kẹ̀? Ti Ọlọ́run nìyẹn o 😂 Ẹ fẹ́ kí ìyá àgbà kan gbọ́ ọ ní Pẹ́kámù kó rò pé ayé ti parí.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí jàre. Tí ọkọ bá kọ ìyàwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, obìnrin á dúró títí á fi rí nǹkan oṣù ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, ọkọ sì lè gbà á padà láàárín ìgbà yẹn. Oṣù mẹ́ta ọ̀hún náà kọ́ yìí? Ẹ kàn pè é ní "àṣẹ ìdúró" kó tán.

Lọ́yà Ìkẹjà:
Àlájì, ó fara jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ti kóòtù yìí, ọkùnrin náà ń dúró, òun náà ò gbọ́dọ̀ gbéyàwó. Ọkọ ò sì lè dá gba ìyàwó padà kó wá parí síbẹ̀, tí wọ́n bá parí ìjà kóòtù ni wọ́n máa padà sí kó fagi lé náísáì náà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àmọ́ "ìdúró" yẹn, ọ̀rọ̀ gidi wà nínú ẹ̀, mo fara mọ́ ọn.

Ìyá Dùgbẹ̀:
Ẹ má bínú o, mi ò lóye ìdí tẹ́ ẹ fi ń yọ ara yín lẹ́nu. Èmi, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ló tú èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ká ní 2016, àárọ̀ la débẹ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti parí, kò sẹ́ni tó sọ náísáì kankan fún mi, mo sì ti lọ́kọ mìíràn. Ṣé èmi náà ṣì jẹ́ ìyàwó ẹ̀ ni?

Lọ́yà Ìkẹjà:
Mà, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ṣé ẹ ṣe rẹ́jísírì, àbí ìdána lásán ni?

Ìyá Dùgbẹ̀:
Ìdána ni. Iṣu, orógbó, oyin, gbogbo ẹ̀. A ò dé rẹ́jísírì rí.

Lọ́yà Ìkẹjà:
Ó parí, mà, kò sí láburú. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ló ni ín, kì í ní náísáì. Ẹni tó ṣe rẹ́jísírì, tàbí tó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fún un ní sátífíkéètì ìjọba, tó wá lọ tú u ká nílé ẹjọ́ ìbílẹ̀, ẹni yẹn ni kò tíì tú nǹkan kan ká, torí kóòtù gíga nìkan ló lè tú ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn. Wọ́n á gbé ìwé tó ní òǹtẹ̀ lọ sí ẹ́ḿbásì, àwọn yẹn á wo sátífíkéètì rẹ́jísírì, wọ́n á wo ìwé ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, wọ́n á ní kó padà lọ.

Ògbufọ̀, ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò ò lè bá gbogbo èèyàn mu. Ìyá yìí ò ní ábúsólúùtù, kò sì nílò ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí níbí gan-an ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Láti 6 Épírì 2022 wọn ò pè é ní náísáì mọ́ fún ẹjọ́ tuntun o, ohun tó wà lórí ìwé báyìí ni "Conditional order", ẹlẹ́ẹ̀kejì wá ń jẹ́ "Final order". Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn ló ṣì ń gba náísáì àti ábúsólúùtù. 10 Júùnù 2024 ni tèmi àkọ́kọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó wá sọ fún mi pé dúró oṣù mẹ́ta, á parí fúnra ẹ̀, bí tiẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Mo dúró. Sẹ̀tẹ́ńbà pé, mo gbé ìwé mi lọ bá rẹ́jísírà pé a fẹ́ mú ọjọ́, arábìnrin yẹn ò tiẹ̀ ka ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wà lókè, ó ní madam, o ṣì ń gbé lábẹ́ ìgbéyàwó.

Níbí, kì í parí fúnra ẹ̀. Ọjọ́ 43 lo máa kà, tèmi jẹ́ 23 Júláì, lẹ́yìn náà ìwọ fúnra ẹ lo máa béèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì, orí ayélujára tàbí fọ́ọ̀mù D36. Tí o ò bá béèrè, o lè dàgbà síbẹ̀. Tó bá kọjá ọdún kan, wọ́n á ní kó o kọ ọ́ sílẹ̀ ìdí tó o fi pẹ́, bóyá ẹ ti jọ gbé látìgbà náà, bóyá ọmọ ti wọ̀ ọ́. Mo bá béèrè, ó jáde, mo ṣègbéyàwó. Kúlẹ̀kúlẹ̀ ẹ̀ nìyẹn.

Àlájì Ìsẹ́yìn:
Ha. Nǹkan tó ń pọ́n fúnra ẹ̀ ní Èkó, ní Mánṣẹ́sítà èèyàn ló gbọ́dọ̀ lọ ká a.

Bàbá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá:
Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, Àlájì. Ó wá túmọ̀ sí pé "àṣẹ àfi-bí" mi bá ti Nàìjíríà mu ju ti Òyìnbó lọ.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà:
Èmi dábàá "àṣẹ kù-díẹ̀-káà-tó" 😂 ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní gbé e lọ bá rẹ́jísírà.

Lọ́yà Ìkẹjà:
Ẹ rẹ́rìn-ín o, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun àwọn èèyàn. Ẹnì kan tí mo bá ṣe ẹjọ́: wọ́n ṣe náísáì ẹ̀ ní 14 Máàṣì 2022, kò sí ọmọ, kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, torí náà 14 Júùnù ló di ábúsólúùtù. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti lọ ṣe rẹ́jísírì tuntun ní 28 Méè. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyàwó tuntun fẹ́ mú un lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù I-130, èyí tó ń béèrè ẹ̀rí pé gbogbo ìgbéyàwó àtijọ́ tọkọtaya méjèèjì ti parí. Wọ́n gbé sátífíkéètì ábúsólúùtù kalẹ̀, wọ́n gbé sátífíkéètì ìgbéyàwó tuntun kalẹ̀, ẹni tó ń wò ó kàn fi ọjọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni. Ìgbéyàwó tí èèyàn ṣe nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà láàyè, òfúùtù fẹ́ẹ̀tẹ̀ ni lójú òfin, kò tún sí bó ṣe lè gbó sí i. Wọ́n ní láti tún rẹ́jísírì ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á gbé náísáì nìkan dé ẹ́ḿbásì, wọ́n á ní "ó ti lé ní oṣù mẹ́ta, ẹ kà á." Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ò lè kà á. Kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ṣì wà nílẹ̀. Rẹ́jísírà kóòtù tó ṣe ẹjọ́ náà ló mọ̀, òun ló máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì pé ní ọjọ́ báyìí ó ti di ábúsólúùtù, òun náà ló ń fọwọ́ sí sátífíkéètì fún ẹni tó bá wá béèrè. Ìgbéyàwó lè ti tú ká tipẹ́ kí olúwa ẹ̀ má sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Torí náà lójú tèmi, "àṣẹ" kọ́ lẹ máa pe ẹlẹ́ẹ̀kejì, "ìwé ẹ̀rí" ni.

Bàbá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá:
Ti Nàìjíríà nìyẹn, lọ́yà. Ti Ìlú Ọba, àṣẹ ni, nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé kóòtù ló tún ń ṣe é. Ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ kan bo méjèèjì.

Ògbufọ̀ Pẹ́kámù:
Ẹ ṣé gan-an o. Ohun tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé náà báyìí ni "àṣẹ ìdúró" fún àkọ́kọ́, Àlájì ló ni ín, kí n wá fi kún un lábẹ́ pé ẹ ṣì jẹ́ tọkọtaya. Fún èkejì, "ìwé ẹ̀rí ìtúká ìgbéyàwó", kí n kọ "Final order" àti "Decree absolute" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé gan-an, kí wọ́n lè fi ojú dá a mọ̀.

Bàbá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá:
Mi ò fara mọ́ ìtúká o. Ìpàdé náà ń túká, wọ́n á sì tún padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ìyá Dùgbẹ̀:
Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tèmi ti 2016 ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òǹtẹ̀ ẹ̀ ò sì hàn mọ́. Ṣé wọ́n lè bá mi ṣe òmíràn?

Lọ́yà Ìkẹjà:
Wọ́n lè ṣe é, mà. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù yẹn, ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ yín dání, ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé òótọ́ ni. Tí nọ́ńbà bá ti sọnù, ọjọ́ tí wọ́n tú yín ká ni kẹ́ ẹ rántí, wọ́n á wá a nínú ìwé ńlá wọn.