Àtẹ ìmáàkì àròkọ gígùn nínú lítíréṣọ̀: èmi àti olùkọ́ kejì ò bára mu rárá

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà tí mò ń kọ́ ní lítíréṣọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àròkọ gígùn lórí ìwé ìtàn àròsọ kan tí gbogbo kíláàsì kà. Ọ̀rọ̀ 1,500 ni mo ní kí wọ́n kọ, mo sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi ni mo ṣe àtẹ ìmáàkì rẹ̀: àkóónú 20, ètò 10, èdè 10, àpapọ̀ 40. Lábẹ́ àkóónú, mo kọ ọ́ báyìí: ó dára gan-an, 16 sí 20, ó dára, 11 sí 15, ó mọ níwọ̀n, 6 sí 10, kò tó, 0 sí 5.

Èmi àti olùkọ́ kejì máàkì àwọn ìwé náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láì wo ti ara wa. Ẹnu yà mí. Àròkọ kan wà tó sọ ìtàn inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo nǹkan kan. Mo fún un ní 31, olùkọ́ kejì fún un ní 22. Àròkọ kejì ní òun ò gba asọ̀tàn gbọ́, pé irọ́ ló ń pa fún àwa òǹkàwé, àmọ́ àkọtọ́ rẹ̀ ò dáa. Mo fún un ní 21, olùkọ́ kejì fún un ní 29. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa tún àtẹ yìí kọ? Ṣé kí n fi kún àwọn ipele ni?

Bàbá Gírámà

Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ lo ìlànà tí a fi ń máàkì àròkọ èdè: àkóónú 10, ètò 10, ìlò èdè 20, àkọtọ́ àti gírámà 10. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ìdajì máàkì, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá yín jiyàn, nítorí àṣìṣe ṣeé kà. Àkóónú ni wàhálà, nítorí ojú olúkúlùkù ló ń lò níbẹ̀. Ẹ dín in kù.

Ìyá Àròkọ

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ ni pé ohun tó ṣeé kà kì í fa ìjà. Àmọ́ àròkọ èdè là ń fi ìlànà yẹn wọ̀n, níbi tí èdè fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun tí à ń dán wò. Ẹ wo ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ 1,500, àti ẹlòmíì tó kọ 900 tó sì dúró. Bí a bá ń yọ ìdajì ìdajì, ẹni tó kọ púpọ̀ ló máa san gbèsè jù. Tí àṣìṣe bá sì ti pé ogún, máàkì mẹ́wàá ti tán, àṣìṣe tó kù di ọ̀fẹ́.

Tíṣà Kíláàsì Kejì, kí n tó sọ nǹkan kan: ẹ pín àwọn máàkì yẹn sí ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wa. Àpapọ̀ ò lè sọ ibi tí ẹ ti yà fún ara yín.

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Ẹ ṣé, Mà. Àròkọ tó sọ ìtàn: tèmi jẹ́ àkóónú 17, ètò 7, èdè 7. Ti olùkọ́ kejì jẹ́ 9, 6, 7. Àròkọ tó ń bá asọ̀tàn jà: tèmi 10, 6, 5, tirẹ̀ 17, 6, 6.

Ìyá Àròkọ

Ó tán. Nínú máàkì 9 tó wà láàárín yín lórí ìwé àkọ́kọ́, 8 wá láti inú àkóónú. Nínú 8 ti ìwé kejì, 7 wá láti ibẹ̀. Ẹ ò jà lórí ètò, ẹ ò jà lórí èdè. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: nǹkan méjì lẹ kó sínú àpò kan tí ẹ pè ní àkóónú. Ẹ̀yin ń wọn bí ọmọ ṣe mọ ìwé náà tó. Olùkọ́ kejì ń wọn ohun tí ọmọ fi ìmọ̀ náà ṣe. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, torí àtẹ yín ò sọ èwo ni kí a wọ̀n. Bí ẹ bá sọ ipele mẹ́rin di mẹ́wàá, ẹ máa yàtọ̀ síra bákan náà.

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí. Ẹ pín àkóónú sí ìmọ̀ nípa ìwé, 8, àti ìtúpalẹ̀, 16. Ètò 8, èdè 8. Ó ṣì jẹ́ 40. Lẹ́yìn náà, ẹ ju “ó dára” àti “ó mọ níwọ̀n” nù pátápátá. Orúkọ tí a fún máàkì lẹ́yìn tí a ti fún un nìyẹn, kì í ṣe ìdí tí a fi fún un. Ẹ mú bí ìwé mẹ́wàá tí ẹ ní lọ́wọ́, ẹ kó wọn sí òkìtì mẹ́ta láì kọ máàkì sí wọn, kí ẹ wá bi ara yín léèrè pé: kí ni àwọn tó wà lókè ṣe lórí bébà tí àwọn tó wà láàárín ò ṣe? Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ kọ sínú àtẹ.

Kí n fi àpẹẹrẹ hàn. Ká ní inú ìtàn kan, obìnrin kan ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan. Ọmọ kan kọ pé: “Ó ti ilẹ̀kùn, ó tún padà wá tì í, ó tún tì í lẹ́ẹ̀kẹta.” Ìtàn ló ń sọ, 1 sí 4 nìyẹn. Èkejì kọ pé: “Ẹ̀rù ń bà á, torí òǹkọ̀wé ní ó ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta.” Ó mú ẹ̀rí wá, àmọ́ ẹ̀rí náà kàn fi hàn pé nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀ ni: 5 sí 8. Ẹ̀kẹta kọ pé: “Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, òǹkọ̀wé sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìró kọ́kọ́rọ́ nìkan la gbọ́, bíi pé àwa náà ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Ọmọ yìí ń wo bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́ àti ohun tí ó fi ṣe sí wa: 9 sí 12. Ẹni tó máa gba 13 sí 16 máa so èyí mọ́ àbá tó ń gbé kiri nínú àròkọ rẹ̀, á sì tún dojú kọ ibì kan nínú ìwé tó ta ko àbá náà. Ẹ rí i pé mi ò sọ “dáadáa” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tíṣà Ewì

Ní tèmi o, 1,500 pọ̀ jù fún ọmọ girama. Àwọn tèmi ò lè kọ ju 600 lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ṣé ẹnikẹ́ni ní àtẹ fún ewì?

Ìyá Àròkọ

Tíṣà Ewì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, màá dá yín lóhùn.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́

Mo fara mọ́ bí Ìyá ṣe gbé ìtúpalẹ̀ sókè. Nínú ètò ẹ̀kọ́ girama àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IB, ìlànà àròkọ gígùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì ní 2018, kí wọ́n tó gbé tuntun jáde fún ìdánwò 2027, ní máàkì 34. Ìrònú jinlẹ̀ nìkan gba 12, ìgbékalẹ̀ gba 4 péré. Ọ̀rọ̀ 4,000 ni ìwọ̀n tí àròkọ wọn ò gbọdọ̀ kọjá.

Àmọ́ ìṣòro tèmi yàtọ̀. Ọdún tó kọjá, ọmọ kan mú àròkọ wá tó dán bí awò. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ojú ìwé kejì, ojú rẹ̀ ṣú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́. Láti ìgbà náà, mo ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wọn lé mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a sì jọ ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo máa ń fún ìyẹn ní máàkì 5. Ṣé kò yẹ kó wà nínú àtẹ?

Ìyá Àròkọ

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn dáa. Máàkì rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú: ọmọ tó ń tijú lè pàdánù 5 nítorí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe nítorí àròkọ. Èmi ń lò ó láti mọ ẹni tó ni iṣẹ́, mi ò kì í kà á mọ́ máàkì.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́

Tí kò bá ní máàkì, wọn ò ní múra sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni èmi dúró sí.

Bàbá Gírámà

Kí n béèrè: tí èdè bá jẹ́ 8 péré, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí gbólóhùn rẹ̀ ò yé ni? Ṣé a ó máa méfò ohun tó fẹ́ sọ, ká sì fún un ní 14 nínú ìtúpalẹ̀?

Ìyá Àròkọ

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Bàbá. Ìlànà mi ni pé a kì í fìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan jẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí àkọtọ́ bá burú àmọ́ tí mo mọ ohun tó ń sọ, inú èdè nìkan ni máàkì ti máa jáde. Bí mo bá ka gbólóhùn lẹ́ẹ̀mejì tí mi ò sì mọ ohun tó ń sọ, kò sí ìtúpalẹ̀ níbẹ̀ tí mo lè máàkì. Mi ò lè kọ ọ́ fún un. Ẹ kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ àtẹ, Tíṣà, torí ó jọ pé 21 tí ẹ fún ọmọ yẹn ní àbààwọ́n àkọtọ́ nínú.

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Òótọ́ ni, Mà. Àkọtọ́ rẹ̀ ti bí mi nínú kí n tó dé ìpínrọ̀ kejì.

Mo ti tún àtẹ kọ, a sì tún ìwé mẹ́fà máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, méjì yẹn wà lára wọn. Àròkọ tó sọ ìtàn: tèmi jẹ́ ìmọ̀ 7, ìtúpalẹ̀ 6, ètò 6, èdè 6, àpapọ̀ 25. Ti olùkọ́ kejì jẹ́ 7, 4, 5, 6, ìyẹn 22. Láti 9, a ti dé 3. Àròkọ kejì ló ṣì ń dà wá láàmú: tèmi 6, 11, 5, 4, ìyẹn 26; tirẹ̀ 6, 15, 5, 5, ìyẹn 31. Ọmọ náà mẹ́nu ba ibì kan tí asọ̀tàn ti sọ òótọ́, ní gbólóhùn kan, ó sì kọjá lọ. Olùkọ́ kejì ní ó ti dojú kọ ohun tó ta ko àbá rẹ̀ nìyẹn. Mo ní rárá, ó kàn kí i ni.

Ohun mìíràn tún ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́wọ́ mi, 25 ni ẹni tó sọ ìtàn gbà, 26 ni ẹni tó ronú. Máàkì kan péré!

Ìyá Àròkọ

Lórí ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ mi ni kò mọ́. “Dojú kọ” fẹ̀ jù. Ẹ kọ ọ́ pé: “ó tọ́ka sí ibi tó ta ko àbá rẹ̀, ó sì sọ ìdí tí àbá náà fi dúró síbẹ̀, tàbí ohun tó yẹ kó yí padà nínú rẹ̀.” Ẹ tọ́jú ojú ìwé ọmọ yẹn láìsí orúkọ, kó jẹ́ àpẹẹrẹ 12 fún ẹni tó bá tún fẹ́ máàkì.

Lórí ti èkejì, ẹ wo ibi tí ẹni tó sọ ìtàn ti rí 25: 19 ló kó jọ lẹ́yìn ìtúpalẹ̀. Bí ìyẹn bá pọ̀ lójú yín, ẹ mú 4 kúrò nínú ìmọ̀, kí ìtúpalẹ̀ di 20.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́

Èmi ò ní mú un kúrò. Ọmọ tó ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì mi ò ṣe.

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Màá gbé méjèèjì fún olùkọ́ kejì lọ́la. Ìwé méjìlélógún ló ṣì kù.