Súpáfáísọ̀ ń bọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá mi ò buwọ́ lu lọ́ọ̀gibúùkù mi

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Súpáfáísọ̀ wa láti yunifásítì pè lánàá pé òun ń bọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá ọ̀gá mi sọ ọ́, ó ní ṣé iṣẹ́ ni mo wá kọ́ ni àbí ìwé kíkọ. Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mo ti ń fọ kábúrétọ̀ fún un láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò fún mi lówó ọkọ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti lò lẹ́nu áítí tí skúùlù ní ká lọ fi kọ́ṣẹ́ yìí, mẹ́fà nínú ẹ̀ ni wọn ò buwọ́ lù. Irú aṣọ wo ni kí n wọ̀, ṣé kí n ra máátì dè é?

Ìyá Ìbejì: Èmi se ráìsì de tèmi n'Íkẹ́nnẹ́, ọkùnrin yẹn ò mu omi pàápàá, orí bóńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹ̀ ló ti fún mi ní máàkì.

Kúnlé Ṣágámù: Buwọ́ lù ú fúnra ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọwọ́ mẹkáníìkì? Sì tètè kọ fọ́ọ̀mù 8 kó o fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Dèjì: Kúnlé, má kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Ẹ̀yìn tí oṣù mẹ́fà bá pé ni ibi iṣẹ́ ń kọ tiwọn sí fọ́ọ̀mù 8, tí wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Lọ́ọ̀gibúùkù ló máa yẹ̀ wò l'Ọ́jọ́bọ̀, á ṣí ojú ìwé kan á ní kó o ṣàlàyé ẹ̀. Tó o bá kọ "a tún jẹnẹrétọ̀ ṣe" lójoojúmọ́, o ti jìn sí kòtò nìyẹn. Kọ ọ́ báyìí: jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń dún dáadáa àmọ́ kò gbé gílóòbù, a fi mítà wọ̀n ọ́n, fóòtì 3 ló ń jáde, a pààrọ̀ kápásítọ̀ ẹ̀, ó di 220. Kó o wá ya bí wọ́n ṣe so kápásítọ̀ yẹn mọ́ wáyà sójú ìwé àwòrán. Ọ̀sẹ̀ wo ni ò ní ọwọ́ gan-an?

Àbẹ̀kẹ́: Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Kí lò ń wò látọjọ́ yìí?

Ẹni tó béèrè: Àǹtí, ẹ má bú mi, mò ń kọ ọ́ sínú jọ́tà. Ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta ìparí yìí, àti mẹ́ta àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Ṣágámù ni mo ti lo mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, páálí la kàn ń gbé, mo bá kúrò.

Ẹ̀gbọ́n Dèjì: Ṣé o sọ fún skúùlù? Àdírẹ́sì wo ló wà nínú fọ́ọ̀mù tó o dá padà?

Ẹni tó béèrè: Ṣágámù.

Ìyá Ìbejì: Yéè!

Ẹ̀gbọ́n Dèjì: Á jẹ́ pé Ṣágámù ni súpáfáísọ̀ ń lọ. Pè é lálẹ́ yìí, má dúró di Ọjọ́bọ̀. Lọ́la, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lo wà, kó o gbé e lọ sí ọ́fíìsì Síwẹ́sì tó ń bójú tó áítí ní skúùlù. Kí ọ̀gá buwọ́ lu mẹ́ta tiẹ̀, déètì ọjọ́ tó buwọ́ lù ú gan-an ni kó kọ. Mẹ́ta ti Ṣágámù, àwọn ará ibẹ̀ ló ni ín.

Kúnlé Ṣágámù: Wọn ò ní ka mẹ́ta yẹn fún un.

Ẹ̀gbọ́n Dèjì: Wọ́n ka ti àbúrò mi.

Kúnlé Ṣágámù: Wọn ò ka tèmi.

Ẹni tó béèrè: Mo ti pè é, kò gbé e. Máátì yẹn ńkọ́?