Ínṣọ́ránsì ti sanwó mọ́tò mi tán, kí ló dé tí wọ́n tún ń lé ẹni tó gbá mi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Inú ń bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn. Ọkùnrin kan fi jíìpù gbá mọ́tò mi látẹ̀yìn nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ọ̀jọ́dù-Bẹ́gà. Bọ́ńpà, búùtù, iná ẹ̀yìn méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ló run. Ínṣọ́ránsì tó ń bójú tó mọ́tò tèmi náà ni mo ní, kì í ṣe tẹ́ẹ̀dì-pátì lásán, ọdọọdún ni mo sì ń san án. Ẹni tí wọ́n rán wá yẹ mọ́tò wò ń bi mí léèrè bí ọ̀daràn. Àtúnṣe jẹ́ náírà 1,600,000. Wọ́n yọ 100,000 tó jẹ́ ìpín tèmi, wọ́n san 1,500,000. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe pè mí pé wọ́n kọ̀wé sí òun kí òun san gbogbo owó náà! Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Owó tí mò ń san lọ́dọọdún ńkọ́? Ṣé wọ́n fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì ni?

Alárojẹ: Bákan náà ni gbogbo wọn. Èmi san ti ìlera, nígbà tí mo dé ọsibítù wọ́n ní oògùn tí dókítà kọ kò sí nínú rẹ̀. Má dá owó wọn padà o!

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní kí n dá owó padà. Ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń dà láàmú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ rárá. Ìwọ ló gbá, kò gbá wọn. Ìwọ nìkan lo lè pè é lẹ́jọ́.

Bàbá Kíléèmù: Ọmọ Ìjẹ̀bú, ibi tí o sọ òótọ́ dé nìyẹn: ẹ̀tọ́ Ìyá Ìbejì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ínṣọ́ránsì ti sanwó, ipò rẹ̀ ni wọ́n dúró sí, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì lè fi pẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ṣì jẹ gbèsè. Kò dá kọ́bọ̀ sí owó tí ẹ̀ ń san lọ́dọọdún, kí ló máa wá fi í bọ́ nínú gbèsè ọ̀hún? Bí ẹ bá sì gbowó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì fún bọ́ńpà kan ṣoṣo, èrè lẹ jẹ, kì í ṣe àtúnṣe. Ìyá Ìbejì, ṣé ọkùnrin yẹn ní tẹ́ẹ̀dì-pátì? Láti 2023, èyí tí wọ́n ń san náírà 15,000 fún lórí mọ́tò ara ẹni ń gbé ìbàjẹ́ dúkìá ẹlòmíì títí dé mílíọ̀nù 3. Kó gbé lẹ́tà náà lọ bá ínṣọ́ránsì tirẹ̀ kíákíá, kó má fúnra rẹ̀ dá èsì kankan padà. Ìbéèrè kan kù: ṣé ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹ fọwọ́ sí ìwé kan?

Ìyá Ìbejì: Ó ní i, ó ní tìtorí ọlọ́pàá lòun ṣe ń gbé e kiri. Ìyàwó rẹ̀ ò kí mi mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rí i bí wọ́n ṣe bà mí lórúkọ jẹ́!

Àǹtí Mánṣẹ́sítà: Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Ínṣọ́ránsì mi gbowó lọ́wọ́ ti ẹni tó gbá mi, owó ìpín tí mo san sì padà sọ́wọ́ mi. Béèrè 100,000 rẹ, àbúrò mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìlú òyìnbó nìyẹn. Níbí, àdéhùn wo ló wà láàárín wọn àti ọkùnrin náà?

Bàbá Kíléèmù: Àìṣọ́ra rẹ̀ lójú títì ló dá gbèsè náà sílẹ̀, kì í ṣe àdéhùn. Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì dáhùn o.

Ìyá Ìbejì: Àwọn ọlọ́pàá ló ní ká parí ẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Ó fún mi ní 200,000, mo fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti tán, mi ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Kí n tó lọ sí ínṣọ́ránsì ni. Kí ni kí n fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé? Ta ló máa san tàkísì?

Alárojẹ: Yéè! O sì ń bú wọn látàárọ̀!

Bàbá Kíléèmù: Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ̀tọ́ tí ẹ ti jọ̀wọ́ kí wọ́n tó sanwó, wọn ò lè bá a lọ́wọ́ yín. Bí ọkùnrin náà bá fi ìwé yẹn hàn wọ́n, ẹ̀yin ni wọ́n máa padà wá bá. Ká ní ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n sanwó lẹ fọwọ́ sí i ni, tí òun náà sì mọ̀ pé wọ́n ti san, ìwé náà ò ní gbà á sílẹ̀. Ẹ wò ó, 1,500,000 àti 200,000 ju owó àtúnṣe lọ pẹ̀lú 100,000. Tó bá jẹ́ owó tàkísì ni wọ́n kọ sórí ìwé náà, ìyẹn yàtọ̀, torí ínṣọ́ránsì kò san tàkísì fún yín. Ẹ lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ lónìí, kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ ọ́ fún ínṣọ́ránsì kí ọkùnrin náà tó sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìwé àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ wo ló máa kà á sí?

Bàbá Kíléèmù: Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n máa kà, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni ìwé náà wà. Mo rántí pé wọ́n kọ "àtúnṣe" síbẹ̀, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá wọ́n kọ tàkísì mọ́ ọn. Màá ní kí bàbá àwọn ọmọ pè é lálẹ́ yìí.