Ìwé ìkéde ìdínkù owó: ibo ni kí n fi ìgbéga àwọn olùkọ́ mẹ́ta sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akápò ilé-ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn ni mí. Owó dísẹ́ẹ̀lì ti gbọ́n àpò wa gbẹ, ọ̀gá sì ní kí n kọ ìwé ìkéde sí àwa òṣìṣẹ́ 34 kó tó di ọjọ́ Ajé.

A ó dá gbígba ènìyàn tuntun àti ríra kọ̀ǹpútà dúró títí táàmù kejì yóò fi parí. A kò ní fọwọ́ kan owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 10 nínú 100 tiwa àti ìdá 8 ti òṣìṣẹ́, nítorí òfin ọdún 2014 ló là á kalẹ̀. "A máa dín ìnáwó kù" ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé wa kà á, ó gbójú sókè: "Ṣé owó oṣù wa náà ni?" Mo bá gbé owó oṣù lọ sí ìlà àkọ́kọ́.

Ibi tó há mi lọ́rùn nìyí: olùkọ́ mẹ́ta ti gba lẹ́tà ìgbéga, àfikún owó rẹ̀ ni a kò tíì san. Ọ̀gá ní kí n kà á mọ́ ohun tí a dá dúró. Mo ti dábàá pé ká san án díẹ̀díẹ̀, kò gbà.

Ṣé ó tọ́ ká fi ìwé ìkéde dá owó tí a ti fọwọ́ sí nínú lẹ́tà dúró, láìkọ́kọ́ bá wọn jókòó?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.