Ìlọ́po ìrìn, ìfàgùn, ìmúbá: èwo ni `Motion Warping`?

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àárọ̀ o. Mò ń kọ ìwé kékeré fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ géèmù ṣíṣe. Kílíìpù tí òṣèré wa fi ń gun ògiri, ògiri mítà 2 ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń yà á, bẹ́ẹ̀ ògiri inú géèmù ga jura wọn. `Motion Warping` inú `Unreal Engine` ló ń tún un ṣe kí ọwọ́ lè kan etí ògiri gẹ́lẹ́. "Ìlọ́po ìrìn" ni mo pè é. Ṣé ó bójú mu?

Olùkọ́ Àgbà

Kò bójú mu rárá. Ìlọ́po ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìṣirò: ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta. Ta ló máa gbọ́ "ìlọ́po ìrìn" tí kò ní rò pé òṣèré náà rìn lẹ́ẹ̀mejì? Àwọn tó kọ́ wa lédè kì í gba irú èyí wọlé, wọ́n á fi gègé pupa fà á kọjá ni. Ìfàgùn ni kí o kọ. Mítà 2 ni kílíìpù, ògiri ga jù ú lọ, wọ́n wá fa ìrìn náà gùn. Fà, gùn, kí a fi ì- ṣíwájú. Ó parí.

Aṣegéèmù Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mo wà lẹ́yìn yín lórí ìlọ́po. Àmọ́ ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí nǹkan yìí ń ṣe kí a tó fi ìfàgùn dè é.

Kì í ṣe gbogbo kílíìpù ló ń fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fíréèmù 30 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Títí dé fíréèmù 12, òṣèré ń tẹ orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Láti 12 dé 32, ó fò sókè ní sẹ̀ńtímítà 60, ọwọ́ rẹ̀ kan etí ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá fa ara rẹ̀ gòkè ní sẹ̀ńtímítà 140 tó kù. Ibi tí èmi ń ya fèrèsé sí nínú mọ́ńtáàjì, ìyẹn apá kílíìpù tí mo gbà kí irinṣẹ́ náà tún ṣe, ni 12 dé 32 yẹn, níbi tí ara ti wà lófuurufú tí ojú ò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Tí ọwọ́ bá ti di ògiri mú, ẹ má fọwọ́ kan ìyókù. Bí ẹ bá tún ń na ara nígbà yẹn, ọwọ́ á máa yọ̀ lórí bíríkì, gbogbo ẹni tó bá ń wò ó ló máa rí i.

Ní báyìí, ẹ mú un dé ògiri sẹ̀ńtímítà 230. Ìfara-fà-gòkè á ṣì jẹ́ 140, nítorí náà 90 ni fífò gbọ́dọ̀ jẹ́ dípò 60. Ibi tí kílíìpù ti gòkè 30, òun á ti gòkè 45. Ọgbọ̀n tó lé yẹn, fíréèmù 20 ló pín in, ìyẹn sẹ̀ńtímítà kan àtààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú á gbà á. Bí fèrèsé yín bá jẹ́ fíréèmù 4 péré, ju 7 lọ ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, òṣèré á ta pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi okùn já sókè.

Ẹ wá wo ògiri sẹ̀ńtímítà 170. Fífò di 30. Kí ni a fà gùn níbẹ̀, sà? Ó kúrú ni. Ohun tó dọ́gba nínú méjèèjì ni pé a mú ìrìn náà bá etí ògiri. Ìmúbá ni mo fi sílẹ̀.

Káyọ̀dé inú Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, tèmi kì í gòkè rárá. Ó kàn ń fẹsẹ̀ wọ́ dé ìdí ògiri, ó sì ń gun afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Mo ti mú kílíìpù yára sí i, kò yí padà. Ṣé eré kílíìpù ni ìmúbá ń yí ni?

Aṣegéèmù Lọ́ńdọ̀nù

Rárá o, àbúrò. Àkókò kò yí padà, ibi tí ara ń dé ló ń yí. Nígbà tí òṣèré bá wà ní `Walking`, ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ kí ìrìn rúùtù, ìyẹn root motion tí kílíìpù fi ń gbé òṣèré kiri, gbé e kúrò nílẹ̀. Yí i sí `Flying` kí mọ́ńtáàjì tó bẹ̀rẹ̀, dá a padà tó bá parí. Rí i pé root motion wà ní títàn fún kílíìpù náà pẹ̀lú, nítorí rúùtù ni gbogbo iṣẹ́ yìí ń tì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, rúùtù wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, kò sí lọ́wọ́. Bí o bá gbé ibi etí ògiri fún un bó ṣe wà, ẹsẹ̀ ló máa dé ibẹ̀, ọwọ́ á wà lókè bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Yọ 140 kúrò:

```
Ibi.Z = EtiZ - 140.f;
MotionWarping->AddOrUpdateWarpTargetFromLocationAndRotation(
    TEXT("EtiOgiri"), Ibi, Oju);
```

Orúkọ `EtiOgiri` gbọ́dọ̀ bá ti inú fèrèsé mu. Bí wọn ò bá bára mu, kílíìpù á lọ bí wọ́n ṣe yà á, láìsí àtúnṣe kankan.

Ìyá Àkúrẹ́

Ọmọ mi, àlàyé rẹ yé mi yékéyéké. Àmì orí ọ̀rọ̀ ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. Kí ló dé tó fi jẹ́ bá? Lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, tí ẹyẹ bá ti òfuurufú sọ̀ kalẹ̀ sórí igi, ó bà ni. Òṣèré yìí fò, ó sì bà sórí ògiri. Ìmúbà ni kó jẹ́. Àwọn àgbà yẹn kì í pàdánù ohùn ìsàlẹ̀ bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.

Olùkọ́ Àgbà

Ìyá, bà kì í dá dúró. Bà lé, bà sí: ó nílò ibi tó máa fẹ̀yìn tì. Àti pé ta ló máa gbọ́ ìmúbà tí kò ní rántí bàjẹ́?

Ìyá Àkúrẹ́

Bàjẹ́ ní jẹ́ nínú. Ìmúbà kò ní i. Ìjàkadì wo nìyẹn, Olùkọ́?

Aṣegéèmù Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá, ẹ ti la ojú mi sí nǹkan kan. Fèrèsé kejì wà tí n kò mẹ́nu bà, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ orí ògiri. Sẹ̀ńtímítà díẹ̀ ló sábà máa ń tún ṣe, kí ẹsẹ̀ má baà wọnú bíríkì tàbí kó léfòó. Ti ọwọ́, ó bá. Ti ẹsẹ̀, ó bà. Mo lè gba méjèèjì.

Èyí tí n kò lè gbà ni ká máa lo kílíìpù kan fún gbogbo ògiri. Ní sẹ̀ńtímítà 280, fífò á di 140, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n yà lọ, àmọ́ orúnkún kò tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó máa gbà pé agbára yẹn ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Ní 120 sì rèé, kò sí ohun tó ń fò fún, torí ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Tèmi, 165 dé 235 ni kílíìpù yìí ń ṣe. Ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kéré sí i, mo máa ń yà òmíràn.

Ọmọ Ìbàdàn

Mo dúpẹ́. Ìmúbá fún fèrèsé àkọ́kọ́, ìmúbà fún ìkejì ni mo máa kọ.

Olùkọ́ Àgbà

Orúkọ méjì fún irinṣẹ́ kan, tó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, nínú ìwé ọmọdé tí ìdajì wọn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀? N kò fọwọ́ sí i.