Kókó kéékèèké tó ń dán lára ọmọ: ẹ tọ́jú ẹ ni, àbí ẹ fi sílẹ̀?

Màmá Tíwà: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, ló ní i lábẹ́ abíyá. Mẹ́ta péré ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ bí ìdodo. Dókítà pè é ní mọ̀lọ́síkọ́ọ̀mù, ó ní ká má fọwọ́ kàn án. Èmi ò gbọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ tú ọ̀kan, nǹkan funfun kan bí ẹ̀kọ tó dì sì yọ jáde. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti di 19, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kí lẹ ṣe sí tiyín?

Ìyá Ìbejì: Abẹ́rẹ́ kẹ̀! Ẹ̀yin gan-an lẹ gbìn ín.

Bàbá Àgbà: Olóde ni. Ẹ má pariwo.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bàbá, kì í ṣe olóde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí kan náà ni kòkòrò wọn. Ojú awọ nìkan ni èyí ń gbé. Inú nǹkan funfun yẹn ló wà, ibi tó bá sì kàn lára ni òmíràn ti lè hù, pàápàá tọ́mọ bá ń họ ọ́. Ó sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 18, ti ẹlòmíì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gé èékánná ẹ̀, ẹ ya kànìnkànìn àti aṣọ ìnura ẹ̀ sọ́tọ̀. Kó máa lọ iléèwé ẹ̀. Tó bá yọ ní ìpéǹpéjú, ẹ tètè wá dókítà.

Ìyá Ìbejì: Kànìnkànìn! Táyé ló kọ́kọ́ ní i nílé wa, kò pẹ́ ni Kẹ́hìndé náà bá kó o. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ mi fi ń wẹ̀ wọ́n. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọ̀kan náà làwọn fi wẹ ọmọ méje dàgbà.

Lánre: Ẹ fi ìyá ọkọ sílẹ̀ o. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń fà á.

Ìyá Ìbejì: Omi ìlúwẹ̀ẹ́ wo? Ní Ṣakí?

Bọ̀sẹ̀ Houston: Wọ́n fi nítírójìn olómi tó tutù ju yìnyín lọ jó tọmọ mi níbí. Igbe tó ké, àwọn tó wà níta gbọ́ ọ. Kókó lọ lóòótọ́, àmọ́ ojú ibẹ̀ ṣì funfun títí dòní, ọdún kejì rèé. Awọ dúdú wa, ẹ rò ó dáadáa.

Àlejò: Èmi ní i nítòsí abẹ́, ọmọ ọdún 33 ni mí. Ṣé kí n fi òrí pa á?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ọ̀rọ̀ ọmọdé là ń sọ, ẹ̀gbọ́n. Lára àgbà, níbi tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń gbé e wá. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má sì fá irun ibẹ̀.

Màmá Tíwà: Mo tún dé o. Oṣù kẹwàá rèé. Láàárọ̀ yìí, mẹ́rin nínú ẹ̀ pọ́n, wọ́n wú bí eéwo! Mo ti ra oògùn apakòkòrò.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ṣé ara ẹ̀ gbóná? Ṣé ó ń ro ó gan-an, ṣé pípọ́n yẹn ń tàn ká?

Màmá Tíwà: Rárá. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ fi oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Ara ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tó ń bá a jà. Ó sábà máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ kó tó lọ.

Màmá Tíwà: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Ó ku márùn-ún. Ibi tí mo fi abẹ́rẹ́ tú nìkan ló dá ihò kékeré sí i lára. Oníkẹ́místì ò gba oògùn padà.

Ìyá Ìbejì: Ìyá ọkọ mi ti ra kànìnkànìn méjì. Àwọ̀ kan náà ni méjèèjì.